Ṣóńṣó Irun Mi àti Ayẹyẹ Ọgọ́rin Ọdún Màmá Ìṣẹ́yìn

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ ìyá mi àgbà ní Ìṣẹ́yìn. Àwòrán dúdú àti funfun ni. Màmá Ìṣẹ́yìn, bí gbogbo wa ti ń pè wọ́n, ni wọ́n jókòó láàrin, àwọn ọmọbìnrin wọn mẹ́rin sì dúró yí wọn ká. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di ṣùkú, tí irun wọn gòkè láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ orí lọ pàdé ní àtàrí bí agbọ̀n kékeré. Ìyá mi ló kéré jù nínú wọn. Ó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú bí ẹni pé ẹni tó ń yàwòrán fẹ́ gbé e lọ.

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí Màmá pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn pinnu pé a óò tún àwòrán náà yà. Àwa ọmọ-ọmọ obìnrin méje ni a óò dúró yí wọn ká lọ́tẹ̀ yìí, nínú aṣọ òfì tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn gan-an, pẹ̀lú ṣùkú lórí gbogbo wa. Kò sí ẹni tó bi mí bí irun mi ṣe wà, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà náà. Ọdún 12 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì bá má kọ ọ́ sílẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mú irun tirẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Ó tú fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba síwájú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n gé e ni, àbí kí n fi sílẹ̀ títí ayẹyẹ yóò fi kọjá?" Ìbéèrè tí èmi náà béèrè gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Òfin kan wà nínú ilé wa nígbà tí mo ń dàgbà: kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi rílásà sí irun títí yóò fi jáde ilé ìwé girama. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, kì í sì í fi òfin rẹ̀ ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ó gbà mí láàyè láti lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ọ̀rẹ́ mi kí àwa méjèèjì tó jọ padà sí ilé ìwé, nítorí inú ọgbà ilé ìwé ni a ń gbé. Ibẹ̀ ni a ti ṣe é. A fi owó tí a tọ́jú ra ike rílásà kan, ọ̀rẹ́ mi wọ ọ̀rá sí ọwọ́, mo sì jókòó sórí àpótí.

Gbogbo ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni a ṣe. Mo ti fọ orí mi ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì ti fi òòyà họ ọ́ dáadáa ní òwúrọ̀ nítorí ó ń yún mi, bẹ́ẹ̀ ara ìwé tí ó wà nínú páálí náà ni a ti kọ ọ́ pé kí ènìyàn má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Awọ orí tí a ti họ kò ní ohun tó lè dáàbò bò ó mọ́. Ìwé náà sọ pé kí kíríìmù náà má ju ìṣẹ́jú 15 lọ lórí. Nígbà tí àkókò tó, a ṣí ẹ̀rọ omi, omi kò dà. Kí ọ̀rẹ́ mi tó lọ fa omi nínú kànga àwọn ará ilé kejì, kí ó sì tó padà dé, ìṣẹ́jú 15 ti di bí 35, orí ń ta mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí egbò. Ibi mẹ́ta ló bó ní ìpàkọ́ mi. Ṣùgbọ́n irun náà nà! Ó nà bí irun àgbàdo. Mo wo dígí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí mo ṣe bò ó mọ́lẹ̀ fún ìyá mi kò ṣòro. Ní ọgbà ilé ìwé, ọ̀rẹ́ mi ló ń dì í fún mi. Bí ìsinmi bá kù sí dẹ̀dẹ̀, màá ti di àtáṣímẹ́ǹtì kí n tó wọ ilé, tí màá tún padà lọ pẹ̀lú rẹ̀ lórí. Láàrin méjì, nígbàkúùgbà tí mo bá rí ààyè, a máa ń fi irin gbígbóná nà án kí ó lè dán. Kí n sọ òtítọ́, n kò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀ sí i. Irun tí a ń dì ní gbogbo ìgbà kì í jẹ́ kí olówó rẹ̀ rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ayẹyẹ, ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde, ìyá mi fún mi lówó pé kí n lọ tú irun mi lọ́dọ̀ onídìrí wa ní Òkè-Àdó, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ó lè sinmi kí a tó lọ sí Ìṣẹ́yìn. Àǹtí onídìrí yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú u, mo sì ń wo irun tó ń bọ́ sórí aṣọ ìnura funfun tó wà ní ẹsẹ̀ mi. Ó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n tú èyí tó kẹ́yìn, ohun tó wà lórí aṣọ náà tó ohun tí a lè fi ṣe ìtẹ́ ẹyẹ. Mo bú sẹ́kún.

Àǹtí kò bá mi sunkún. Wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura náà sórí tábìlì, wọ́n ní kí n súnmọ́ ọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ya irun náà sí ọ̀nà méjì, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì.

"Wo èyí," ni wọ́n wí. Irun náà gùn, orí kékeré funfun kan sì wà ní ìdí rẹ̀, bí orí ìṣáná tó kéré jọjọ. "Èyí re ni. Láti ìdí ló ti jáde. Lójoojúmọ́, irun bí 50 sí 100 ń re kúrò lórí olúkúlùkù. O ti di irun yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èyí tó re kò rí ibi gbà jáde, inú àtáṣímẹ́ǹtì ló dúró sí. Má sunkún nítorí èyí."

Wọ́n mú òmíràn. Ó kúrú, kò gùn ju ìka mi lọ, kò sì sí orí funfun ní ìdí rẹ̀; bí ìdí ti rí ni ṣóńṣó rí. "Èyí kò re. Èyí já. Nítorí èyí ni kí o fi sunkún."

Nígbà tí wọ́n yà á tán, èyí tó re pọ̀ ju èyí tó já lọ, ọkàn mi sì fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì èkejì náà kò kéré. Àǹtí fọ orí mi, wọ́n mú ẹyọ irun kan tó ṣì tutù, wọ́n di orí rẹ̀ méjèèjì mú níwájú mi, wọ́n sì rọra fà á. Apá tó súnmọ́ awọ orí, tí ó ká bí wáyà bírò, nà díẹ̀, ó sì padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Apá ìsàlẹ̀, tí rílásà ti kàn, nà bí ṣíńgọ́ọ̀mù, kò padà, ó sì já. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ mẹ́ta, láti iwájú, láti àtàrí àti láti ìpàkọ́. Ti ìpàkọ́, níbi tí orí mi ti bó, ló burú jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìwé funfun kan, wọ́n fi sí ẹ̀yìn ìdì irun kan tó ti gbẹ, kí n lè rí ṣóńṣó rẹ̀. N kò tíì wo irun mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Láti orí wá sí àárín, irun náà ṣù, n kò rí ìwé náà láàrin rẹ̀. Láti àárín lọ sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́lẹ́. Nígbà tí ó sì máa fi dé ìsàlẹ̀, ó dà bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa. Ọ̀pọ̀ ṣóńṣó ló ti là sí méjì, àwọn mìíràn sí mẹ́ta, bí ẹ̀ka igi. Lára àwọn kan, ẹ̀kán funfun kékeré wà ní àárín, tí mo rò pé èérún ọṣẹ ni. Àǹtí fi èékánná tẹ ọ̀kan, irun náà sì kán níbẹ̀ gan-an.

"Ẹ bá mi fi òrí sí i," ni mo wí. "Ẹ fi àdí sí i. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ní àdí máa ń so ó pọ̀."

"Òrí yóò jẹ́ kí ó rọ̀. Yóò jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀, ojú kò ní tètè rí i. Kò lè so ó pọ̀." Wọ́n fi àmì kan hàn mí ní ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. "Èyí, òòyà gbígbóná ló jó mi. Ó jiná nítorí ẹ̀jẹ̀ ń lọ níbẹ̀. Irun tó bá ti jáde kúrò nínú awọ orí, ó ti kú. Òkú kì í jiná. Bí ó bá ti là, lílà náà yóò máa gòkè ni títí yóò fi já fúnra rẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nípa ohun tí a fi sórí mi. Nínú àwọn rílásà kan, irú sóódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò ló wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mú agbára rẹ̀ dínkù. Nínú àwọn mìíràn, ohun mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó so irun mọ́ ara wọn ní inú, tó mú kí ó ká, ni wọ́n ń já. Bí a bá tètè fọ̀ ọ́ kúrò, díẹ̀ ni yóò já, irun yóò nà, yóò sì ṣì ní agbára. Bí ó bá pẹ́, púpọ̀ yóò já, kò sì sí ohun tó lè dá wọn padà. Irin gbígbóná tún gbẹ èyí tó kù.

Lẹ́yìn èyí ni Àǹtí fi ọ̀nà méjì lélẹ̀ níwájú mi, láìfi dandan kún un. Mo lè gé apá tó ti bàjẹ́, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 7. Mo sì lè fi sílẹ̀, kí wọ́n fi òrí pa á lára, kí n sì di irun tó bá wù mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣùkú. "Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè pa irun," ni wọ́n wí. "Ṣùkú ni n kò fẹ́. Ṣùkú ń fa irun sókè láti ìpàkọ́ àti láti ẹ̀bátí. Irun tìrẹ ní ojú ibi tí tuntun ti pàdé èyí tí rílásà kàn, ibẹ̀ sì ni kò lágbára rárá. Bí a bá fà á, yóò gé fúnra rẹ̀, ibi tí yóò ti gé ni a kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ní ìdí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Irun mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 bí a bá fà á nà. Bí mo bá gé 7 kúrò, 13 ni yóò kù, èyí tó bá sì ká padà, kò ní kọjá etí mi. Kò sí bí yóò ṣe tó ohun tí a lè fi di ṣùkú láìfi irun onírun kún un, èyí tí Màmá Ìṣẹ́yìn kò fẹ́ rí nínú àwòrán náà. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gé irun ọmọbìnrin nígbà ayọ̀. Láyé àtijọ́, opó ni wọ́n ń fá irun fún. Màmá Ìṣẹ́yìn fúnra wọn, wọ́n fá orí wọn nígbà tí bàbá àgbà kú, mo sì ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tí wọ́n á fi ọwọ́ kan orí wọn bí ẹni pé abẹ náà ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá wọ inú ayẹyẹ náà pẹ̀lú irun kúkúrú, mo mọ ìbéèrè tí àwọn àgbà yóò béèrè: "Ta ló kú?"

Èyí tó sì wúwo jù ni pé ìyá mi yóò mọ̀.

Mo san owó, mo fi gèlè kékeré bo orí, mo lọ sílé. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ, pé màá di ṣùkú, pé ohun tó bá fẹ́ já kí ó já lẹ́yìn àwòrán. Ìyá mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ alẹ́ nígbà tí mo wọlé. Ó ní kí n wá kí òun wo bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Kò sí bí mo ṣe lè kọ̀. Ó tú gèlè náà. Kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Ó fa ìdì irun kan nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó sì mú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, ó fi wọ̀n láti awọ orí mi títí dé ibi tí kíká ti parí tí nínà sì bẹ̀rẹ̀.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ," ló wí. "Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ó lé díẹ̀ lóṣù. Oṣù méje, tàbí kí ó lé díẹ̀." Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn láti oṣù kẹrin. "Ìparí oṣù kẹjọ. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ."

Irun náà ti jẹ́wọ́ kí n tó la ẹnu. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kànga àti egbò. Ibi ọ̀rọ̀ egbò ni ojú rẹ̀ ti yí padà; ó yẹ ìpàkọ́ mi wò, ó fi ìka kan àwọn àpá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò lù mí. Ó ní, "Oṣù méje. O gbé èyí sórí fún oṣù méje, o ò lè sọ fún mi." Ó sì padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀. Nígbà tí ó máa jáde lọ síbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí o bá fẹ́ gé e, gé e. Bí o kò bá fẹ́, má gé e. Orí tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ fún Màmá pé o kò ní lè di ṣùkú, n kò ní bá ọ sọ ọ́."

A dé Ìṣẹ́yìn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sátidé sì ni ayẹyẹ. Télọ̀ ni Màmá kí ojú wọn tó di bàìbàì, wọn kò sì gbà kí ẹlòmíràn parí aṣọ òfì tiwa. Ẹni tó bá mọ òfì mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí a tó so ó pọ̀, àti pé ní gbàrà tí a bá ti gé e, ibi tí a gé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí tú. Màmá ní kí n bá wọn tún okùn wọ abẹ́rẹ́, mo jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ wọn. Gèlè kan wà lórí ẹsẹ̀ wọn tí ọmọdé kan ti fi ṣeré kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ létí. Ó ti tú wọ inú tó ìbú ọwọ́. Mo rò pé wọ́n óò ṣẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n wá ibi tí òwú rẹ̀ ti ṣì wé mọ́ra dáadáa, wọ́n sì fi àlùmọ́gàjí ńlá wọn gé e ní òkè ibẹ̀ díẹ̀. Èyí tó tú bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ gé ibi tó dára mọ́ ọn, Màmá," ni mo wí.

"Bí n kò bá gé ibi tó dára díẹ̀ mọ́ ọn, ibo ni n ó ti rí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò dì mú?"

N kò lè sọ pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti pinnu. Ó ṣeé ṣe kí n ti pinnu láti ìgbà tí ìyá mi fi ọwọ́ kan àpá mi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti tú gèlè orí mi. Mo ní, "Màmá, n kò ní lè di ṣùkú," mo sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n fà mí mọ́ orúnkún wọn, wọ́n fi ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ wo irun náà, wọ́n sì fi ọwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀ bí wọ́n ti pa gèlè. Ìka wọn dúró ní ibi tí ìka Àǹtí onídìrí ti dúró gẹ́lẹ́.

"Àjọkẹ́," ni wọ́n wí, "mo rò pé ẹ̀ ń bọ̀ wá sọ fún mi pé o lóyún."

Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí a ṣe gé e nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a fọ̀ ọ́, a fi òrí díẹ̀ pa á, ìyá mi sì fi òwú dúdú kó o, ìdì mẹ́jọ, láti ìdí dé ṣóńṣó. Irun kíkó ń mú irun nà láìlo iná, ó sì ṣe pàtàkì, nítorí bí a bá gé irun tó ká nígbà tó tutù, a óò gé ju bí a ti rò lọ. Bí ó bá gbẹ, yóò tún sún sókè. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó ti gbẹ, a tú ìdì kan ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ níbi tó ti burú jù. Ó fi ìka méjì di ìdì náà mú, ó fi ìwé funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́lẹ́, ó sún ìka rẹ̀ sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì gé e. Bí a bá gé e ní ojú ibi tó là gan-an, díẹ̀ nínú lílà náà yóò ṣẹ́kù, yóò sì tún máa gòkè.

Àlùmọ́gàjí tuntun ni a lò, èyí tí a rà fún irun nìkan. Màmá kò gbà kí ti aṣọ kan irun, bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí onídìrí náà ti kìlọ̀ nípa èyí tó kújú tí a fi ń gé ọ̀rá nínú ilé ìdáná: kì í gé irun, ńṣe ni yóò máa jẹ ẹ́, ṣóńṣó tuntun yóò sì là láàrin ọjọ́ díẹ̀. A kò gé gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìpàkọ́ pàdánù sẹ̀ǹtímítà 8, iwájú 5 péré. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tí rílásà ti kàn ṣì kù lórí, nítorí ó ṣì lágbára nígbà tí a dán an wò pẹ̀lú omi. Ìyẹn ni a gé díẹ̀díẹ̀ títí ọdún náà fi parí.

Irun tó bọ́ sílẹ̀, Màmá ṣà á jọ fúnra wọn. Wọn kò jẹ́ kí a gbá a sínú ààtàn, nítorí irun orí ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ káàkiri. Wọ́n wé e nínú èyí tó tú lára gèlè, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì bò ó.

Irun ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rí bẹ́ẹ̀, kí n má gbàgbé. Mo fi ìwé funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fa ẹyọ mẹ́ta wò nínú omi. Ṣóńṣó rẹ̀ là ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 péré, kò fẹ́lẹ́, kò sí ẹ̀kán funfun lára rẹ̀, irun rẹ̀ sì padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí mo dẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ó lè dúró títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá, bí kò bá ti jẹ́ kí wọ́n fà á le, tí kò sì fi irin gbígbóná kàn án. Ó bínú díẹ̀. Mo rò pé ó ti ń retí pé kí n ní kí ó gé e, kí ó lè rí ẹni di ẹ̀bi rù bí ó bá kúrú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Màmá di irun mi fúnra wọn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, wọ́n sì pẹ́ títí oúnjẹ fi tutù. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n dì fún mi, láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́, tí wọ́n ká ìdí rẹ̀ mọ́ inú ní ẹ̀yìn ọrùn kí ìrù kankan má bàa yọ. Wọn kò fà á. Ní ọjọ́ kejì, nínú àwòrán tuntun náà, ṣùkú mẹ́fà ló wà níbẹ̀ àti kòlẹ́sẹ̀ kan. Mo dúró ní apá òsì Màmá, ní ibi tí ìyá mi ti dúró nínú ti àtijọ́, orí mi sì kéré ju ti gbogbo wọn lọ.

Ìyá àgbà kan láti ìdílé bàbá àgbà wá kí wa níbi tí a ti ń jẹun. Wọ́n wo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n súre, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi níbi tí irun ti parí. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Ta ló kú?"

Màmá Ìṣẹ́yìn kò gbé ojú sókè kúrò nínú àwo wọn. "Irun ni," ni wọ́n wí. "A ti sin ín lọ́jọ́rú. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."